Fọ́tò káàdì ti pòórá: Ta la máa bi léèrè iye ìyẹ̀fun?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí akọ̀ròyìn kan sọ níwájú àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú Dúálà, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù.

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ, ó sì ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi, níbí, ní Dúálà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílùú yìí jù mí lọ, ẹ mọ bẹ́ńyẹ̀ dáadáa. Òun náà là ń pè ní pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù nílé. Láàárọ̀ kùtù, kí ọ̀kadà tó pọ̀ lójú títì, àwọn obìnrin á ti gbé agbada òróró kaná lẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n á bu ẹ̀wà sí àwo, wọ́n á kó bẹ́ńyẹ̀ tì í, wọ́n á sì bu ẹ̀kọ mímu lé e. Ohun tí òṣìṣẹ́ ń jẹ kó tó jáde nìyẹn, òun náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ. Àwọn ará ibí máa ń pe obìnrin tó ń dín in ní "mámì makala".

Ẹ̀gbọ́n màmá mi dín in tà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Niu Bẹ́ẹ̀lì. Màmá Dúálà ni gbogbo wa nínú ẹbí ń pè é. Ó jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Kó tó kú, ó kọ bí wọ́n ṣe ń pò ó sínú káàdì kékeré kan, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ àbúrò mi. Nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù yàrá lẹ́yìn ìsìnkú, kò sẹ́ni tó rí káàdì náà mọ́. Àbúrò mi ò dààmú, ó ṣáà ní fọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, fóònù yẹn já sómi. Ó ra òmíràn. Ọ̀rọ̀ tóun àti màmá rẹ̀ jọ ń sọ padà wá, àmọ́ àwọn fọ́tò ò bá a wá. Níbi tí fọ́tò káàdì yẹn wà tẹ́lẹ̀, àwòrán bàìbàì kan ló kù níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń wo nǹkan láti ẹ̀yìn gíláàsì tí oruku bò. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè ṣí. Fóònù sọ fún un pé fọ́tò náà ò sí mọ́, kó ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún un fi ránṣẹ́.

Ẹni tó fi ránṣẹ́ ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Èèyàn 150 ló ń bọ̀ níbi ìrántí ọdún kan Màmá. Bẹ́ńyẹ̀ Màmá ni mo fẹ́ fún wọn jẹ. Báwo ni mo ṣe máa sọ ti inú káàdì yẹn di ti èèyàn 150?"

Mo bi í pé kí ló wà nínú káàdì náà. Kíá ló dáhùn: ìyẹ̀fun, ṣúgà, iyọ̀, lẹfúrù, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àti òróró tí wọ́n máa fi dín in. Mo wá bi í pé, "Mélòó mélòó ni?" Ó dákẹ́.

Ohun mẹ́fà tó lè di búrẹ́dì

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Àbúrò mi rò pé ìṣirò lòun ń béèrè. Ìṣirò ò le. Bí káàdì bá jẹ́ ti èèyàn 25, tí àlejò sì jẹ́ 150, ìlọ́po 6 ni. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Àmọ́ ìlọ́po 6 ti kí ni? A ò lè sọ orúkọ ìyẹ̀fun di ìlọ́po, iye rẹ̀ nìkan la lè sọ di ìlọ́po.

Ẹ tún wo ohun mẹ́fà yẹn dáadáa. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, iyọ̀, yíìsì, omi, òróró. Ohun kan náà ni wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Bí ẹ bá da nǹkan bí 600 gíráàmù omi sí kílò kan ìyẹ̀fun, ẹ máa rí èyí tó ṣeé pò lórí tábìlì, tó ṣeé yí bí búrẹ́dì. Bí omi bá tó 700 gíráàmù, ó máa rọ̀, ó máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ẹ ó máa fi ọwọ́ fún un sínú òróró ni. Ìyẹn ni bẹ́ńyẹ̀. Bí omi bá wá lé sí 900, ó ti ń ṣàn nìyẹn, kò ní rí róbótó mọ́ tó bá wọ inú epo. Ohun tó wà nínú wọn ò yàtọ̀. Iye ló sọ ọ̀kan di búrẹ́dì, tó sọ èkejì di bẹ́ńyẹ̀.

Àbúrò mi gbìyànjú láti ka àwòrán bàìbàì yẹn. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí ó fi di àmì onígun mẹ́rin. Ó rí i pé ìlà mẹ́fà ni. Ní iwájú ìlà kẹrin, ó rí ohun kan tó dúró ṣánṣán, ó ní ó lè jẹ́ 1, ó sì lè jẹ́ 7. Mo ní kó fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé lẹfúrù ni ìlà kẹrin, sáṣẹ́ẹ̀tì 1 àti sáṣẹ́ẹ̀tì 7 kì í ṣe ohun tí èèyàn ń méfò. Tí a bá tún wá sọ àṣìṣe náà di ìlọ́po 6, ìnáwó ńlá ló máa bà jẹ́.

Bó ṣe kọ́kọ́ dán an wò

Ó kọ́kọ́ lọ yá iye ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó rí ìlànà kan tó ní ife ìyẹ̀fun 4 àti sáṣẹ́ẹ̀tì lẹfúrù 1. Ó mú ife tíì tó wà nílé, ó wọn ìyẹ̀fun, ó ra lẹfúrù ní ṣọ́ọ̀bù itòsí ilé, ó pò ó, ó sì fi aṣọ bò ó. Lẹ́yìn wákàtí méjì, bó ṣe gbé e sílẹ̀ náà ló bá a. Ó dín in bẹ́ẹ̀. Ó le, ó wúwo, àárín rẹ̀ rí bí ìyẹ̀fun tútù.

Ẹ̀yin tó ń ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù ìlú yìí máa tètè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́dè Faransé, lẹfúrù ni wọ́n ń pe ohun méjì tí ò bára tan. Ọ̀kan ni yíìsì àwọn oníbúrẹ́dì, tí wọ́n ń kọ "búláńjẹẹ̀" mọ́. Ohun alààyè ni, ó máa ń jẹ ṣúgà, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹ̀fun á sì wú. Èkejì ni páúdà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, tí wọ́n ń kọ "ṣímíìkì" mọ́. Ìyẹn ò ní ẹ̀mí. Bí omi bá kàn án ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ooru iná ló sì máa ń parí iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí àǹfààní kankan nínú gbígbé e sílẹ̀ fún wákàtí méjì. Sáṣẹ́ẹ̀tì méjèèjì jọra, àwọn kan lára wọn sì wọ̀n tó gíráàmù 11 bákan náà.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Bó bá jẹ́ yíìsì, láàárín wákàtí kan nínú ooru Dúálà, ó máa wú tó ìlọ́po 2, òkè rẹ̀ á ní ihò wẹ́wẹ́, á sì máa rùn díẹ̀ bí ẹmu. Bó bá jẹ́ páúdà kéèkì, ẹ máa rí ihò díẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kò ní wú mọ́, kò sì ní ní òórùn ẹmu.

Nígbà kejì, ó ra yíìsì gidi. Ó wú, ó pọ́n, ó ṣeé jẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ mẹ́ta, ó ní, "Ó dùn. Àmọ́ kì í ṣe ti Màmá." Òótọ́ ló sọ. Iye tí èèyàn bá yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn, oúnjẹ ẹlòmíràn ló máa fi sè. Àbúrò mi sunkún lọ́jọ́ yẹn, torí kì í ṣe bẹ́ńyẹ̀ lásán ló ń wá.

Mo wá bi í pé, "Ta ló máa ń bá Màmá pò ó?" Ó ní obìnrin kan wà, ọmọ Kamẹrúùnù, tí òun àti Màmá jọ jókòó síwájú agbada kan náà fún ọdún pípẹ́. Mámì ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ṣì wà ní Niu Bẹ́ẹ̀lì. Àbúrò mi ò tíì lọ bi í, torí ojú ń tì í. Ó ní wọ́n á sọ pé ọmọ Màmá ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí Màmá fi tọ́ ọ. Mo ní, "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Lọ, kó o gbé òṣùwọ̀n lọ́wọ́."

Kí ni ká béèrè?

Mo tẹ̀ lé e lọ, torí mo mọ̀ pé bí a bá kàn béèrè pé "Mámì, ìyẹ̀fun mélòó ni?", wọ́n á ní "agolo mẹ́rin", a ó sì padà sílé pẹ̀lú àdììtú mìíràn.

Agolo wo? Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́jà wa nílé. Kọ́ńgò ni gbogbo wọn ń jẹ́, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n ti tẹ ìdí tiwọn wọnú. Òmíràn á gún orí rẹ̀ ṣóńṣó, òmíràn á sì fi ọwọ́ gbá a dọ́gba. Kì í ṣe àwa nìkan. Ife tí wọ́n fi ń wọn oúnjẹ ní Amẹ́ríkà gba nǹkan bí mílílítà 237, èyí tí wọ́n ń lò ní Ọsirélíà gba 250. Ṣíbí ńlá tiwọn ní Ọsirélíà gba mílílítà 20, ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn gba 15. Lọ́dún 1896, Fáníì Fáámà, tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé oúnjẹ sísè kan ní ìlú Bọ́sítìnì ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé oúnjẹ kan jáde. Ó tẹnu mọ́ ọn níbẹ̀ pé kí wọ́n máa gbá ojú ife àti ṣíbí dọ́gba. Ìdí ni pé "ife kan" tó gún ṣóńṣó àti "ife kan" tó dọ́gba kì í ṣe iye kan náà.

Torí náà, a ò ní kí Mámì sọ iye rẹ̀. A ní kí wọ́n pò ó bí wọ́n ṣe máa ń pò ó. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fẹ́ dà sínú báàsì, a ó kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n.

Wọ́n gbé agolo wọn jáde. Agolo tòmátò ńlá ni, ti mílílítà 850, wọ́n sì bu ìyẹ̀fun kún un títí ó fi gún. A wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan: gíráàmù 505, 490, 510, 495. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 2 géérégé. Mo rántí ife tíì àbúrò mi. Ìyẹ̀fun tó gbà ò ju gíráàmù 120 lọ, mẹ́rin rẹ̀ kò tó ààbọ̀ kílò. Ẹ rí i pé "mẹ́rin" ni méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ju ìlọ́po 4 èkejì lọ. Bó bá jẹ́ pé sáṣẹ́ẹ̀tì yíìsì kan náà lèèyàn dà sí méjèèjì, ọ̀kan á yára wú ju bó ṣe yẹ lọ, èkejì á sì máa fà.

Ṣúgà jẹ́ gíráàmù 300. Ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kékeré tí wọ́n bù jẹ́ 30. Mo bi wọ́n pé lẹfúrù wo ni. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé, wọ́n sì fi sáṣẹ́ẹ̀tì hàn mí: yíìsì búláńjẹẹ̀, gíráàmù 11. Méjì ni wọ́n já sí i.

Omi ló ṣòro jù. Mámì kì í wọn omi. Wọ́n máa ń dà á díẹ̀díẹ̀ ni, wọ́n á máa fi ọwọ́ lù ú, títí ó fi "dáhùn". A fi ọgbọ́n kan ṣe é. A wọn kẹ́tùrù omi kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, a sì tún un wọ̀n nígbà tí wọ́n parí. Kílò 1.4 ló dín nínú rẹ̀, ìyẹn lítà 1 àti mílílítà 400. Bí ọwọ́ àgbà ò bá lè sọ iye, ohun tó kù nínú kẹ́tùrù á sọ ọ́.

Ìbéèrè mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí, òun náà sì ni àbúrò mi ì bá kọ́kọ́ béèrè: mélòó ló máa ń mú jáde? Láìmọ èyí, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá ìlọ́po 2 la fẹ́ àbí ìlọ́po 10. Mámì ní, "Ó máa ń tó." Ká má jà níyàn, a wọn èyí tí wọ́n fi ọwọ́ fún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 30 gíráàmù kó tó wọ epo. Gbogbo ohun tó wà nínú báàsì jẹ́ 3,752 gíráàmù. Bí a bá pín in sí 30, ó jẹ́ nǹkan bí 125. A tún kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń jáde, ó sì súnmọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí 125 ṣe di 812

Nígbà tí a délé, ìṣirò tí àbúrò mi ń bẹ̀rù ò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. A kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ti kílò ìyẹ̀fun kan, torí ó rọrùn láti rántí. Fún kílò ìyẹ̀fun 1: ṣúgà gíráàmù 150, iyọ̀ 15, yíìsì sáṣẹ́ẹ̀tì 1, omi gíráàmù 700. Ó máa mú nǹkan bí 62 jáde.

Èèyàn 150, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á jẹ 5, ìyẹn jẹ́ 750. Kílò ìyẹ̀fun 12 ló máa ṣe é gan-an, àmọ́ ara báàsì máa gbà díẹ̀, èyí tó bá jóná náà ò ní ṣeé gbé fún àlejò. A fi kílò kan lé e. Kílò 13 wá gba ṣúgà tó dín díẹ̀ ní kílò 2, iyọ̀ gíráàmù 195, yíìsì sáṣẹ́ẹ̀tì 13, àti omi lítà 9 àti díẹ̀. Ó máa tó 812.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òróró náà sílẹ̀. Mámì bu lítà 3 sínú agbada fún báàsì kan, kílò ìyẹ̀fun 2. Ó pín 13 sí 2, ó rí 6.5, ó sọ ọ́ di ìlọ́po pẹ̀lú 3, ó sì kọ lítà 19 ààbọ̀. Mo ní kó dúró ná.

Òróró dídín kì í ṣe bí ìyẹ̀fun. Ọ̀nà méjì ló pín sí. Apá kan ni èyí tó gbọ́dọ̀ wà nínú agbada kí bẹ́ńyẹ̀ lè léfòó, yálà 100 lẹ fẹ́ dín tàbí 1,000. Apá kejì ni èyí tí bẹ́ńyẹ̀ ń fà mu. Apá kejì yìí nìkan ló ń pọ̀ bí bẹ́ńyẹ̀ ṣe ń pọ̀. Lọ́dọ̀ Mámì, lẹ́yìn tí 125 jáde, lítà 2 ààbọ̀ ló kù nínú agbada. Ààbọ̀ lítà ló lọ. Fún kílò 13, ààbọ̀ lítà yẹn di lítà 3 àti ìdámẹ́rin. Bí agbada bá jẹ́ méjì, tí kálukú gbọ́dọ̀ ní lítà 2 ààbọ̀ nínú títí dé òpin, lítà 5 nìyẹn. Àpapọ̀ jẹ́ lítà 8 àti díẹ̀. A ra 9. Bí a ò bá béèrè iye tó kù nínú agbada, lítà mẹ́wàá la ò bá fi ṣòfò.

Àkókò dídín náà máa ń pọ̀ sí i. Agbada kan máa ń gba nǹkan bí 20 lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń lò tó ìṣẹ́jú 5 kó tó pọ́n yíká. 812 jẹ́ ìgbà 41. Lórí agbada kan ṣoṣo, ó ju wákàtí 3 lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìnáwó ti ń bàjẹ́, torí yíìsì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá pò kílò 13 pa pọ̀ láàárọ̀, tí àkọ́kọ́ bá wú dáadáa, èyí tó gbẹ̀yìn á ti pẹ́ jù. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: òórùn ẹmu á ti di kíkan, ìyẹ̀fun tó ti gbéra á wó lulẹ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, bẹ́ńyẹ̀ á fà epo mu, á sì rí pẹlẹbẹ. Yàtọ̀ sí èyí, báàsì ńlá kan tó kún máa ń di ooru rẹ̀ mú, àárín rẹ̀ sì máa ń yára wú ju ti báàsì kékeré lọ. Kì í ṣe yíìsì ló yẹ ká fi kún tàbí ká yọ kúrò, ètò ló yẹ ká yí padà.

Ohun tí a ṣe ni pé a lo agbada méjì, dídín náà sì di nǹkan bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 45. A pín ìyẹ̀fun sí báàsì mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan nǹkan bíi kílò 4 àti díẹ̀. A pò ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 35 a pò ìkejì, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 35 mìíràn a pò ìkẹta. Nígbà tí àkọ́kọ́ bá ń tán lọ lórí iná, ìkejì á ṣẹ̀ṣẹ̀ wú tán.

Ohun tí káàdì ò sọ

Ọjọ́ ìrántí pé. Mámì fúnra wọn wá, wọ́n jókòó ti agbada kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlejò la pè wọ́n. Nígbà tí àkọ́kọ́ jáde, ẹ̀gbọ́n àbúrò mi mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó kàn ní, "Ẹ fún mi ní òmíràn."

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, kẹ́ ẹ má bàa rò pé a rí gbogbo rẹ̀ gbà padà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi bi Mámì bóyá ohun tó wà nínú káàdì Màmá gan-an la ṣe yìí. Mámì mi orí. Wọ́n ní, "Èyí tá a ṣe yìí, ti ọjà ni. Báàsì èmi àti màmá rẹ ni. Káàdì tó kọ fún ẹ, mi ò rí i rí. Ó lè jẹ́ ti ilé ló kọ, èyí tó kéré, tó ń ṣe fún ẹ̀yin ọmọ." Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó mọ iye tó wà nínú káàdì yẹn ò sí mọ́, kò sì sí ìṣirò tó lè mú un jáde látinú àwòrán bàìbàì. Ohun tó wà lọ́wọ́ Mámì la rí gbà, torí Mámì wà láàyè, a sì béèrè.

Àbúrò mi kọ káàdì tuntun. Kò kọ "agolo 4" sí i, gíráàmù ló kọ. Iwájú yíìsì, ó kọ "búláńjẹẹ̀, gíráàmù 11". Lókè pátápátá, kó tó kọ ohunkóhun, ó kọ pé "Kílò ìyẹ̀fun 2, bẹ́ńyẹ̀ 125, èèyàn 25 tí kálukú bá jẹ 5." Nísàlẹ̀, ó kọ ọjọ́ tí a wọ̀n ọ́n, àti pé ọwọ́ Mámì ni a ti wọ̀n ọ́n. Ó kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan wà nílé rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi.

Kò pa àwòrán bàìbàì yẹn rẹ́ kúrò lórí fóònù. Ó ní ìlà mẹ́fà náà ṣáà ṣì wà níbẹ̀, ọwọ́ Màmá ló sì kọ ọ́.

Bí ẹnì kan bá wà nílé yín tó ń fi ọwọ́ bu iyọ̀, tó ń da omi títí ó fi "dáhùn", ẹ gbé òṣùwọ̀n lọ bá wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sè é. Ẹ wọn kẹ́tùrù kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì tún un wọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ bi wọ́n pé mélòó ló ń mú jáde.